Mo ṣe àpdéètì dráífà, ohùn láptọ́ọ̀pù mi bá pòórá

Àdùkẹ́ Ìkẹ́rẹ́ (Ọjọ́rú, aago 7 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ gígé ohùn àti títò ó ni mo ń fi láptọ́ọ̀pù mi ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ìyá mẹ́ta kan ní àdúgbò wa ké alámọ̀ fún mi, mo sì gbà á sílẹ̀, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ọjọ́ Sátidé yìí ni wọ́n fẹ́ lò ó níbi ìrántí bàbá wọn, mi ò sì tíì gé e dé ìdajì.

Àná ni áàpù kan tó máa ń wá dráífà tuntun fún èèyàn sọ fún mi pé dráífà mẹ́sàn-án ti gbó lórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo ní kó ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù tún tàn, kò sí ohùn mọ́. Àmì sípíkà tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ti ní àgbélébùú pupa, tí mo bá gbé atọ́ka lé e, ohun tó ń kọ ni `No audio output device is installed`. Windows 11 ló wà lórí rẹ̀, Intel ìran kọkànlá ni. Kí ni kí n ṣe tí mi ò fi ní ba èyí tó kù jẹ́?

Ìyá Ìbejì Ìfàkì (aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 20)

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bí tèmi náà ṣe ṣe nìyẹn lọ́dún tó kọjá. Sípíkà ló jó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó tú u, ó fi sípíkà méjì tuntun sí i, ohùn sì dé. Má jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ dráífà dààmú rẹ.

Kọ́lá Ajílósùn (aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 35)

Ẹ kú iṣẹ́, mọ̀mí. Ẹ má bínú, ti Àdùkẹ́ yàtọ̀ sí tiyín. Sípíkà tó bá jó kò ní jẹ́ kí Windows kọ pé kò sí ẹ̀rọ ohùn kankan. Windows ò mọ̀ bóyá sípíkà jó tàbí kò jó, yóò kàn máa da ohùn síbẹ̀ ni, ẹ ó sì máa rí i tí ìlà ohùn ń lọ sókè lọ sílẹ̀ láìsí ìró. Èyí tó ń kọ pé òun ò rí nǹkan kan, dráífà ni.

Àdùkẹ́, ohun tí mo máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kò le. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ X, ẹ mú `Device Manager`, ẹ ṣí `Sound, video and game controllers`. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ `Realtek(R) Audio`, ẹ mú `Uninstall device`, kí ẹ sì rísítáàtì. Windows fúnra rẹ̀ máa tún un fi sí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Àdùkẹ́ Ìkẹ́rẹ́ (aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 10)

Bọ̀dá Kọ́lá, mo wá Realtek títí, mi ò rí i níbẹ̀. Orí `View` ni mo wá lọ, mo tẹ `Show hidden devices`, ló bá jáde, àmọ́ ó ṣú bí ẹni pé wọ́n da eérú lé e lórí. Mo ṣe `Uninstall device` bí ẹ ṣe wí. Àpótí kékeré kan jáde tó ń béèrè bóyá kó yọ dráífà náà kúrò pátápátá, ẹ̀rù bà mí, mi ò fàmì sí i. Mo rísítáàtì. Kò sí ohùn, Realtek náà ò sì padà wá. Íápíìsì USB tí mo fi ń ṣe kíláàsì orí ayélujára ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, mo ń gbọ́ orin níbẹ̀ ketekete.

Ẹnjiníà Òkèṣà (aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 40)

Àdùkẹ́ àbúrò mi, o ṣeun tí o kò fàmì sí àpótí yẹn. Má pa nǹkan kan rẹ́ mọ́ lálẹ́ òní.

Ohun méjì tí o kọ ló jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Íápíìsì USB ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé ètò ohùn Windows fúnra rẹ̀ kò ní àìsàn. Realtek sì pòórá kúrò nínú àkójọ, kì í ṣe pé ó wà níbẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel irú tìrẹ, dráífà kan ṣoṣo kọ́ ló ń gbé ohùn. Méjì ni, ọ̀kan sì gun èkejì lẹ́yìn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń jẹ́ `Intel(R) Smart Sound Technology BUS`, abẹ́ `System devices` ló sì ń gbé, kì í ṣe ibi tí gbogbo wa máa ń sáré lọ wò. Òun ni ọ̀nà, Realtek ló ń gba ọ̀nà náà kọjá. Tí ọ̀nà bá dí, Windows ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé Realtek wà nínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí o fi rí i tó ṣú bí eérú. O lè fi gbogbo òru yọ Realtek kí o sì tún un fi sí i, ojú ibì kan náà lo máa wà.

Ó dá mi lójú tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá pé áàpù yẹn ti fi dráífà tí kì í ṣe ti láptọ́ọ̀pù rẹ sórí ti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà dráífà yìí kì í ṣe eré o. Nígbà tí Windows 11 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 2021, Microsoft dá àpdéètì náà dúró fún àwọn ẹ̀rọ Intel ìran kọkànlá tí Smart Sound wọn jẹ́ 10.29.0.5152 tàbí 10.30.0.5152, torí pé ojú ẹ̀rọ máa ń di búlúù tí àwọn méjèèjì bá pàdé. Èyí tó parí sí 5714 ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn gbà.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, jẹ́ kí bátìrì kún. Bí iná ṣe ń ṣe wa ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ yìí, o kò ní fẹ́ kí ẹ̀rọ kú sí àárín iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, fi fíláàṣì tí àyè wà nínú rẹ̀ dáadáa sí i, tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ X, mú `Terminal (Admin)`, kí o kọ èyí síbẹ̀. Tí fíláàṣì rẹ kì í bá ṣe D, fi lẹ́tà tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀:

```
mkdir D:\draifa
pnputil /export-driver * D:\draifa
```

Yóò da ẹ̀dà gbogbo dráífà tí wọ́n ti fi kún ẹ̀rọ náà síbẹ̀, tuntun àti ògbólógbòó. Tí ọwọ́ bá ṣì dráífà Wi-Fi lọ lójijì, o ṣì ní nǹkan tí wàá fi dá a padà láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀nà kan náà, wàá rí àwọn tó ń kọ́ni lórí ayélujára pé kí èèyàn lo `pnputil /delete-driver` pẹ̀lú nọ́ńbà oem kan. Má ṣe é. Nọ́ńbà tó jẹ́ ti ohùn lórí ẹ̀rọ tiwọn lè jẹ́ ti ojú ìbojú lórí tìrẹ.

Ní báyìí, ṣí `System devices`, wá orúkọ tó ní Smart Sound, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ ohun tó wà nínú àpótí `Device status` ránṣẹ́ sí wa. Lẹ́yìn náà lọ sí `Driver`, kí o kọ `Driver Date` àti `Driver Version` sínú ìwé gidi. Wò ó bóyá bọ́tìnì `Roll Back Driver` dúdú tàbí ó ṣá. Má tíì tẹ̀ ẹ́.

Tíṣà Ìjerò (aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 5)

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹnjiníà. Ọ̀nà kan wà tó yá ju ìyẹn lọ, mo ti lò ó. Lórí Smart Sound yẹn kan náà, èèyàn á mú `Update driver`, lẹ́yìn náà `Browse my computer for drivers`, lẹ́yìn náà `Let me pick from a list of available drivers on my computer`. Á rí `High Definition Audio Controller` níbẹ̀. Kó mú un, kó rísítáàtì. Ohùn mi dé lójú ẹsẹ̀, mi ò sì lo dátà kankan.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì orí ayélujára, mò ń sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ń kọ ọ́ pé, "Sà, a ò gbọ́ yín." Máìkì inú láptọ́ọ̀pù ti lọ. Íápíìsì ni mo fi ń kọ́ wọn láti ìgbà náà.

Ẹnjiníà Òkèṣà (aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 15)

Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ, ẹ sì ti sọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Lórí irú ẹ̀rọ yìí, máìkì inú rẹ̀ kì í gba ọ̀dọ̀ Realtek kọjá, ọwọ́ Smart Sound ló wà tààrà. Tí ẹ bá ti fi dráífà gbogbogbòò ti Windows rọ́pò Smart Sound, sípíkà á sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mójú tó máìkì. Ẹ padà síbi tí ẹ ti mú un, ẹ mú orúkọ Smart Sound nínú àkójọ kan náà, máìkì yín á padà, àyàfi tí Smart Sound náà bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Fún Àdùkẹ́, mo gbà pé kó wà nílẹ̀ bí ọ̀nà àbáyọ. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀ tí nǹkan ò yí padà, kó lò ó, kó fi gé alámọ̀ rẹ̀ tán. Gígé ò nílò máìkì.

Kọ́lá Ajílósùn (aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 30)

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé mi ò ronú kan ti ìsàlẹ̀ yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: ká ní Realtek hàn dáadáa ni, tí Àdùkẹ́ sì fàmì sí àpótí yẹn, dráífà tuntun tí kò dáa ni ì bá lọ, Windows ì bá sì mú ògbólógbòó tó ṣì wà nínú rẹ̀. Tí kò bá fàmì sí i, tuntun kan náà ló máa padà wá. Mo ti ṣe é báyìí fún oníbàárà tó pọ̀.

Ọ̀nà míì tún ni System Restore. Ẹ kọ `rstrui` síbi ìwákiri, ẹ mú ọjọ́ tó ṣáájú àná. Gbogbo dráífà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á padà sí ipò wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹnjiníà Òkèṣà (aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 50)

Kọ́lá, bí ògbólógbòó bá wà níbẹ̀ ni ìyẹn tó ṣiṣẹ́. Àwọn áàpù kan máa ń yọ ti àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó fi tuntun sí i. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí o tún wá yọ tuntun, ọwọ́ òfo lo máa dì mú, oníbàárà á sì ra dátà tí kò mọ iye rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń wò ó kí n tó yọ ọ́ nìyẹn.

Ti System Restore, mi ò ta kò ó. Ohun kan ni pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ààbò yẹn kò sí ní títàn, èèyàn á débẹ̀ kò ní rí ọjọ́ kankan. Èkejì ni pé kò ní fọwọ́ kan fáìlì ohùn rẹ̀, àmọ́ yóò yọ áàpù tó fi sí i lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀, `Scan for affected programs`, ó máa ń dárúkọ ohun tó máa lọ. Kó tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Inú Windows ni kó sì ti ṣe é, kì í ṣe láti ojú ìbojú búlúù ti àtúnṣe. Láptọ́ọ̀pù tí BitLocker bá wà lórí rẹ̀ lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 níbẹ̀, àwọn tí mo ti rí tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ní i ò pọ̀. `aka.ms/myrecoverykey` ni èèyàn ti lè wò ó, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Àdùkẹ́ Ìkẹ́rẹ́ (Ọjọ́bọ̀, aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 15 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Wọn ò mú iná wá títí di aago méjì òru, ìgbà náà ni mo tó gba agbára sí bátìrì. Mo ti kó dráífà sí fíláàṣì.

Ẹnjiníà, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí. Igun mẹ́ta yẹ́lò wà lára Smart Sound. Ohun tó kọ ni `This device cannot start. (Code 10)`. Mo lọ sí `Driver`, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti 2023, ọdún 2021 sì ni wọ́n ra láptọ́ọ̀pù yìí fún mi. `Roll Back Driver` dúdú, kò ṣá. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Ẹnjiníà Òkèṣà (aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 40)

Tẹ̀ ẹ́. Yóò bi ọ́ nídìí tí o fi fẹ́ padà sẹ́yìn, mú èyíkéyìí, kò yí nǹkan kan padà. Tó bá parí, `Restart` ni kí o mú, má mú `Shut down`. Lórí ọ̀pọ̀ Windows, `Shut down` kì í kó gbogbo rẹ̀ sùn tán, ó máa ń fi apá kan pamọ́ kó lè yára tàn. Dráífà tó ti bàjẹ́ lè bá a jí padà.

Àdùkẹ́ Ìkẹ́rẹ́ (aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 5)

Ó ti dé o! Àgbélébùú pupa ti lọ, Realtek ti jáde fúnra rẹ̀. Mo fi ohùn àwọn ìyá yẹn sí i, omi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ ohùn náà tín-ín-rín, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Tí mo bá ki íápíìsì oníwáyà lásán bọ̀ ọ́, kò mọ̀ pé mo ki nǹkan bọ̀ ọ́, sípíkà ló ṣì ń pariwo. Mo wo Realtek, dráífà 2023 ni òun náà, `Roll Back Driver` tirẹ̀ sì ṣá. Kí ló dé tí ti ibẹ̀ fi dúdú, tí ti ibí wá ṣá?

Ẹnjiníà Òkèṣà (aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 25)

Torí pé o yọ Realtek lálẹ́ àná ni. Ara ẹ̀rọ tí wọ́n yí dráífà rẹ̀ padà ni Windows máa ń so ìrántí dráífà àtẹ̀yìnwá mọ́. O yọ ẹ̀rọ náà, ìrántí bá a lọ. Tó wá padà dé, ojú àlejò tuntun ni Windows fi wò ó, àlejò kò sì ní àná. Ṣùgbọ́n dráífà àtijọ́ fúnra rẹ̀ lè ṣì wà nínú àká, tí áàpù yẹn kò bá yọ ọ́.

Lọ sórí Realtek, kí o gba ọ̀nà tí Tíṣà júwe: `Update driver`, `Browse my computer for drivers`, `Let me pick from a list of available drivers on my computer`. Jẹ́ kí àmì wà nínú `Show compatible hardware`. Má yọ àmì yẹn o, tí o bá yọ ọ́, ti gbogbo ilé iṣẹ́ á tú dà sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti máa ń mú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Sọ iye tó o bá rí fún mi.

Àdùkẹ́ Ìkẹ́rẹ́ (aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 40)

Méjì ni, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀kan ní `[3/11/2021]`, èkejì jẹ́ ti 2023. Àmọ́ ẹnjiníà, oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni mo gba láptọ́ọ̀pù yìí. Báwo ni dráífà oṣù kọkànlá ṣe bá a wá láti ilé iṣẹ́?

Tíṣà Ìjerò (aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 50)

Oṣù ló ṣíwájú níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ni. Mú un.

Àdùkẹ́ Ìkẹ́rẹ́ (aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 15)

Mo mú un, mo rísítáàtì. Ohùn ti kún bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ki íápíìsì bọ̀ ọ́, sípíkà dákẹ́, mo yọ ọ́, sípíkà sọ̀rọ̀. Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ pẹ̀lú máìkì inú, ó mọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ gan-an.

Ó ku ohun kan. `Realtek Audio Console` tí mo fi ń tún ohùn ṣe kò ṣí mọ́, ó ń kọ `Can't connect to RPC service`.

Kọ́lá Ajílósùn (aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 30)

Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un gbà láti Microsoft Store.

Ẹnjiníà Òkèṣà (aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 45)

Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́. Áàpù yẹn nílò iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan tó máa ń bá dráífà rìn, ó sì lè jẹ́ pé ti 2023 ló ṣì ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù rẹ ni wàá lọ, wàá fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ wá odidi dráífà ohùn tirẹ̀. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé, gé iṣẹ́ rẹ ná.

Áàpù tó fa gbogbo èyí, yọ ọ́ kúrò lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún ní dráífà rẹ ti gbó.

Tíṣà Ìjerò (aago 9 àárọ̀)

Kó pa àpdéètì Windows náà pátápátá. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ẹnjiníà Òkèṣà (aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10)

Mi ò fara mọ́ ìyẹn, Tíṣà. Àtúnṣe ààbò ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ sì ń fi ẹ̀rọ yín gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. `Pause updates` tó, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lẹ́yìn náà, tí àpdéètì bá padà dé, ẹ má fàmì sí èyí tó wà lábẹ́ `Optional updates` níbi tí wọ́n kọ `Driver updates` sí, àyàfi tí nǹkan kan bá ń ṣe ẹ̀rọ yín tí dráífà náà lè wò sàn.

Tíṣà Ìjerò (aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 20)

Mo gbọ́, àmọ́ ojú mi ti rí. Tèmi ṣì máa wà ní pípa títí ìdánwò àwọn ọmọ fi máa parí. Mo ti dá Smart Sound padà bí ẹ ṣe wí o, máìkì ti ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Ìfàkì (aago 12 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo ní kí ọmọ mi wo tèmi náà, torí sípíkà tí mo rà yẹn ti tún dákẹ́. Ó ní `Smart Sound` kò sí nínú `System devices` rárá, AMD ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Realtek wà níbẹ̀, kò sì sí igun mẹ́ta yẹ́lò. Ṣé dráífà náà ni?

Ẹnjiníà Òkèṣà (aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 30)

Mọ̀mí, tiyín yàtọ̀, mi ò sì fẹ́ méfò. Kí ọmọ yín kọ `mmsys.cpl` síbi ìwákiri, kó fi orin sí i, kó wo ìlà aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Tó bá ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, kó ki íápíìsì oníwáyà bọ̀ ọ́, kó sọ fún wa bóyá ìró wà níbẹ̀. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.